Ọjọ́ Ajé Ti Ta Ni?

Ọ̀rọ̀ méjì péré ló dá wàhálà náà sílẹ̀: “Mọ́ńdè àárọ̀.” Oníbàárà mi kì í gbàgbé láti kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ iṣẹ́ tó bá fi ránṣẹ́. Yóò kọ ìwọ̀n ilé ìdáná tó lọ wọ̀n, yóò fi fọ́tò ògiri àti fèrèsé rẹ̀ sí i, yóò wá fi parí rẹ̀ pé òun ń retí àwòrán ní Mọ́ńdè àárọ̀. Lójú tirẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ tó tún ṣe kedere jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lójú tèmi, fún bí oṣù mẹ́rin, kò sí ọ̀rọ̀ tó ń bí mi nínú tó o.

Iṣẹ́ àwòrán ni mo ń ṣe. Mo kọ́ yíya àwòrán ilé ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, ṣùgbọ́n kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná ni mo padà ń fi jẹun. Ọkùnrin kan tó ní ilé iṣẹ́ káfíńtà ní ìlú Melbourne, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, rí iṣẹ́ mi lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó sì ní kí n máa bá òun ṣe é. Òun a lọ wọn ilé ìdáná àwọn oníbàárà rẹ̀, èmi a ya kọ́bọ́ọ̀dù tí yóò wọ ibẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, pákó kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú gígùn àti ìbú rẹ̀. Àwòrán yẹn ni àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ máa ń gbé fún ẹ̀rọ tó ń gé pákó. Bí mo bá ṣì í díẹ̀, ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù kò ní í pa dé nínú ilé ẹni tí mi ò mọ̀ rí.

Ìlá-Ọ̀ràngún ni mo ti ń ṣe é, nínú ilé tí bàbá ọkọ mi kọ́ kó tó kú. Ìbàdàn ni ọkọ mi ti ń ṣe tíṣà. Lẹ́yìn tí bàbá kú, a rò ó síhìn-ín, a rò ó sọ́hùn-ún, a sì rí i pé kò dára kí ìyá ọkọ mi máa dá gbé inú ilé ńlá yẹn. Iṣẹ́ tèmi kò ju kọ̀ǹpútà, sólà kékeré àti nẹ́tíwọ̀kì lọ, ibi gbogbo ló ṣe é gbé lọ. Bí èmi àti ọmọbìnrin wa ṣe kó wá sí Ìlá nìyẹn. Ọkọ mi a máa wọkọ̀ wá ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, a máa padà ní ìdájí Ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ Àbámẹ́ta àti Ọjọ́ Àìkú ni gbogbo ohun tí a ní nínú ọ̀sẹ̀ tí a fi ń jẹ́ tọkọtaya.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí “Mọ́ńdè àárọ̀” ṣe ń jẹ ọjọ́ méjì yẹn mọ́ mi lọ́wọ́. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, ìlú wọn fi wákàtí mẹ́sàn-án ṣíwájú tiwa. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ máa ń ṣí ní aago méje àárọ̀. Aago méje àárọ̀ Ọjọ́ Ajé lọ́dọ̀ wọn, aago mẹ́wàá alẹ́ Ọjọ́ Àìkú ni ní Ìlá. Ìgbà tí ó bá kúkú ń fi ìwọ̀n ránṣẹ́, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì ni lọ́dọ̀ rẹ̀, tí òun ti ń palẹ̀ mọ́ láti máa lọ sílé. Lọ́dọ̀ tèmi, àárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì ni, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Ọjọ́ Ẹtì nìkan ni ọjọ́ iṣẹ́ tó wà láàárín àsìkò méjèèjì fún mi, ilé ìdáná kan kì í sì í tán ní ọjọ́ kan. Ohun tó kù, Àbámẹ́ta àti Àìkú ni mo fi ń ṣe é.

Mo ti béèrè nípa rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí n tó gba iṣẹ́ ni mo ti kọ̀wé sí i pé aago tiwa àti tiwọn kì í ṣe ọ̀kan náà, ẹ jẹ́ kí a kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa. Ó dá mi lóhùn pé kí n má ṣèyọnu, pé ènìyàn jẹ́jẹ́ ni òun, a ó máa yanjú rẹ̀ bí ó bá ṣe ń yọjú. Nínú ìwé àdéhùn tí ìyàwó rẹ̀ tó ń bójú tó ọ́fíìsì fi ránṣẹ́, ohun tó wà níbẹ̀ ni pé èmi yóò máa wà lárọ̀ọ́wọ́tó “ní wákàtí iṣẹ́,” àwòrán yóò sì máa dé “ní Mọ́ńdè àárọ̀.” Wákàtí iṣẹ́ ti ta ni? Mọ́ńdè ti ta ni? Kò sí níbẹ̀. Mo tún béèrè. Ó ní a ti sọ ọ́ tán.

Ọ̀rọ̀ wákàtí iṣẹ́ ló kọ́kọ́ gbóná. Bí mo bá jí láàárọ̀, màá bá ìbéèrè rẹ̀ bíi mélòó kan lórí fóònù. “Ṣé ẹ̀gbẹ́ síńkì yẹn kò há jù?” Lẹ́yìn ìyẹn: “Mo ń dúró.” Lẹ́yìn ìyẹn: “Ṣé o wà níbẹ̀?” Aago mẹ́wàá àárọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ ló kọ ọ́, aago kan òru lọ́dọ̀ mi. Mo sùn ni. Ibo ni kí n tún wà?

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí a fi aago mẹ́fà sí mẹ́jọ àárọ̀ tèmi ṣe àsìkò tí a ó jọ máa wà lórí ìlà, nítorí aago mẹ́ta sí márùn-ún ọ̀sán ni yóò jẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, kó tó ti ilé iṣẹ́. Ìyẹn ṣe é gbà, ó sì gbà á. Ṣùgbọ́n kò gbà kí a kọ ọ́ sínú àdéhùn. Ó ní àwa méjèèjì ti mọ̀ ọ́n.

Ó ku Ọjọ́ Ajé. Àbámẹ́ta kan wà tí ọkọ mi ti fi ọ̀sẹ̀ méjì sọ fún mi ṣáájú pé a ó lọ kí àǹtí bàbá òun ní Òkè-Ìlá, tí ara wọn kò yá. Ìyá ti se ọbẹ̀ tí a ó gbé lọ. Ọmọ ti wọ bàtà. Mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, mò ń tún ilé ìdáná kan ṣe tí ògiri rẹ̀ kò gún, tí ìwọ̀n òkè rẹ̀ kò bá tìsàlẹ̀ mu.

Ọkọ mi dúró sẹ́nu ọ̀nà. “Ó kù bíi mélòó?”

“Dádì, ẹ máa lọ. Mi ò lè kúrò nídìí ẹ̀.”

“Ìgbà wo ni wọ́n ń retí ẹ̀?”

“Mọ́ńdè àárọ̀.”

“Òní ni Sátidé.”

“Mọ́ńdè àárọ̀ tiwọn. Ọ̀la alẹ́ ni.”

Ó wò mí bí ẹni tí mo ń parọ́ fún. Kì í ṣe pé kò gbọ́n. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ ilẹ̀, ó mọ̀ pé ayé ń yí. Ṣùgbọ́n ènìyàn lè mọ nǹkan kó má fẹ́ kó débi ọbẹ̀ tó ti wà nínú kúlà. Ó ní, “Ṣé àwọn òyìnbó yẹn ò mọ̀ pé ìwọ náà ní Mọ́ńdè ni?” Kò dúró kí n dáhùn. Wọ́n wọ ọkọ̀, wọ́n lọ. Ìyá, tí wọn kì í fi ọ̀rọ̀ ní mi lára, yọjú sí mi kí wọ́n tó jáde, wọ́n ní, “Ìyàwó, jẹun o.” Àánú mi tó wà nínú ohùn wọn dùn mí ju bí wọ́n bá bú mi lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo kọ ìwé àkọ́kọ́ sí oníbàárà mi lórí ọ̀rọ̀ náà gan-an. Gẹ̀ẹ́sì ni a ń bá ara wa sọ, mo kàn ń tú u ni. Mo béèrè pé ṣé a lè fi ìfijíṣẹ́ sí Túsìdeè àárọ̀ dípò Mọ́ńdè àárọ̀.

Ó dáhùn ní kíá: “Mi ò lè fi ọjọ́ kan ṣòfò. Àwọn òṣìṣẹ́ mi ń bẹ̀rẹ̀ sí í gé pákó ní Mọ́ńdè.”

Mo kọ̀wé padà pé ọjọ́ kan kọ́ ni mò ń tọrọ. Mo to wákàtí náà sílẹ̀ fún un: bí ó ti di àárọ̀ Ọjọ́ Ajé lọ́dọ̀ rẹ̀, Ọjọ́ Àìkú kò tíì parí lọ́dọ̀ mi.

Ó dáhùn: “Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ wà lẹ́yìn wa. Ìyẹn ni pé wákàtí mẹ́sàn-án lé wà fún ọ. Odidi òpin ọ̀sẹ̀ ni mo ń fún ọ!”

Mo ka ìyẹn, mo dìde, mo lọ fọ abọ́ tó mọ́ tẹ́lẹ̀. Àwa la wà lẹ́yìn, òtítọ́ ni. Nítorí pé a wà lẹ́yìn gan-an ni aago tirẹ̀ fi ń dé bá mi kí tèmi tó tó. Bí òun bá wà ní àárọ̀ ọ̀la, òní ni èmi ṣì wà. Wákàtí mẹ́sàn-án yẹn, a ń yọ ọ́ lára tèmi ni, a kì í fi kún un. Mo kọ gbogbo ìyẹn, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ kó rọ̀, nítorí mi ò fẹ́ kó dà bí ẹni tó ń kọ́ ọ̀gá rẹ̀ ní kíkà. Mo fi ránṣẹ́. Ó fi àtàǹpàkò sókè dá mi lóhùn. Ní Ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, ìwọ̀n tuntun dé, ó sì kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀: Mọ́ńdè àárọ̀.

Ohun tó ń mú mi bínú jù ni pé kì í ṣe ènìyàn burúkú. Bí iṣẹ́ bá dára, yóò sọ ọ́. Yóò ya fọ́tò kọ́bọ́ọ̀dù tó ti wà lára ògiri, yóò fi ránṣẹ́ sí mi pé wò ó, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ rèé. Bí ó bá jẹ́ pé ó ń fìyà jẹ mí mọ̀ọ́mọ̀ ni, ǹ bá ti wá oníbàárà mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tó rò pé òun ń ṣe ọ́ lóore, báwo lo ṣe máa bá a jà?

Oṣù kẹwàá ni nǹkan bàjẹ́. Ní ìlú wọn, bí ooru bá ti ń bọ̀, ìjọba wọn máa ń sún aago síwájú ní wákàtí kan, Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ oṣù kẹwàá ni wọ́n ń sún un. Tiwa kì í kúrò lójú kan. Mo ti gbọ́ ọ nípa àwọn ará Lọ́ńdọ́nù, ṣùgbọ́n kò wá sí mi lọ́kàn pé àwọn ará Melbourne náà ń ṣe é, kò sì sí ẹni tó sọ fún mi. Ní alẹ́ Ọjọ́ Àìkú yẹn, mo fi iṣẹ́ ránṣẹ́ kí aago mẹ́wàá tó lù, bí mo ṣe máa ń ṣe, mo sì pa kọ̀ǹpútà dé pẹ̀lú ìbàlẹ̀ ọkàn.

Nígbà tí mo jí, ìbínú ló kún fóònù mi. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ tèmi ló ti di aago méje àárọ̀ tiwọn báyìí, kì í ṣe mẹ́wàá mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti dúró ti ẹ̀rọ fún ìgbà pípẹ́, wọ́n ń wo ara wọn lójú, kí àwòrán mi tó dé. “Ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo nílò rẹ ní àsìkò,” ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo! Bí ẹni pé mo ti ń pẹ́ tẹ́lẹ̀. Mo dúró de aago méje kí n lè pè é bí a ṣe máa ń ṣe. Ó ti di aago márùn-ún ọ̀sán lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ti ti ilé iṣẹ́ lọ.

Mo jókòó sí àga ìdáná, omijé sì bọ́. Ìyá ń gé ewúro níbẹ̀.

“Kí ló dé?”

“Wọ́n sún aago wọn, mà. Wọn ò sọ fún mi.”

Wọ́n dá ọ̀bẹ dúró. “Ta ló ń sún aago?”

“Ìjọba wọn ni.”

“Wọ́n sún un, wọn ò sọ fún ọ, wọ́n wá bínú sí ọ?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Nígbà náà, kì í ṣe ẹkún nìyẹn. Pè wọ́n, kí o sọ fún wọn.”

“Mo ti kọ ọ́ fún wọn títí, mà.”

“Mi ò ní kí o kọ ọ́. Mo ní kí o pè wọ́n.”

Mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i pé mo fẹ́ kí a rí ojú ara wa lórí fóònù ní ọjọ́ kejì, ní aago mẹ́rin ọ̀sán tiwọn, kí ìyàwó rẹ̀ náà sì wà níbẹ̀ nítorí òun ló kọ ìwé àdéhùn. Aago mẹ́fà àárọ̀ tèmi nìyẹn. Nẹ́tíwọ̀kì inú ilé kò ṣe é gbára lé fún irú ìyẹn, mo sì gbé àga lọ síwájú ilé, létí títì, níbi tó ti máa ń mú dáadáa. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́. Àwọn adẹ́mu ti ń ti oko bọ̀, kẹ́ẹ̀gì ẹmu lẹ́yìn ọ̀kadà wọn, ìfófòó ń yọ lẹ́nu rẹ̀, gbogbo wọn ló sì ń kí mi bí wọ́n ṣe ń kọjá. Mi ò lè máà dá wọn lóhùn. Báyìí ni mo ṣe ń bá òyìnbó jà ní Gẹ̀ẹ́sì tí mo ń kí ènìyàn ní Ìgbómìnà.

Ojú ọ̀gá náà pupa, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ife tíì. Ọ̀gá kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ lórí àwọn òṣìṣẹ́ tó dúró. Mo jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Mo wá sọ fún un pé aago wọn sún ní Ọjọ́ Àìkú, tiwa kò sún.

“Fóònù gbogbo ènìyàn ló ń yí i fúnra rẹ̀,” ó ní.

“Fóònù tiyín. Fóònù tèmi wà ní Nàìjíríà.”

Ìyàwó rẹ̀ wò ó. Ó ní, “Kò sí aago tó ń sún lọ́dọ̀ yín rárá?”

“Kò sí, mà. Bó ṣe wà lánàá ló wà lónìí.”

Ọkọ rẹ̀ ní, “Ó dáa, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi rẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Túsìdeè tí o ń tọrọ yẹn, mo ti sọ fún ọ, mi ò ní ọjọ́ tí mo lè fi ta ọrẹ.”

Ibẹ̀ ni inú mi ru sókè. Mo gbàgbé gbogbo Gẹ̀ẹ́sì tí mo ti tò sílẹ̀. Mo ní, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣàlàyé wákàtí fún mi. Ẹ kàn dá mi lóhùn. Ní Mọ́ńdè, nígbà tí ilé iṣẹ́ yín bá ṣí, kí ni àwọn ènìyàn ń ṣe níbí?”

“Wọ́n ń... mi ò mọ̀. Wọ́n ń sùn?”

“Sọ́ńdè ni. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tú ká níbi ìsìn alẹ́. Ọmọ mi kò tíì sùn. Ìwọ̀n tí ẹ fi ránṣẹ́ ní Fúráìdeè, Fúráìdeè àárọ̀ ni mo gbà á. Kí ni ọjọ́ iṣẹ́ tí mo ní láàárín méjèèjì?”

Ọ̀kadà kan kọjá, ariwo rẹ̀ bo gbogbo nǹkan.

“Fúráìdeè,” ìyàwó rẹ̀ ló sọ ọ́. Ó gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. “Fúráìdeè nìkan. Kò ní Mọ́ńdè kankan rárá. Láti oṣù kẹfà.”

“Mi ò tọrọ ọjọ́ kan lé,” ni mo ní. “Mọ́ńdè tèmi ni mò ń béèrè. Bí ẹ bá ní Túsìdeè aago méje àárọ̀ tiyín, Mọ́ńdè ni màá fi ṣe é, ní ojúmọmọ, bí àwọn òṣìṣẹ́ yín ṣe ń ṣe tiwọn. Bí ẹ kò bá sì lè dúró di Túsìdeè, ẹ máa fi ìwọ̀n ránṣẹ́ kó tó di Fúráìdeè. Èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n ọkọ mi ń wá láti Ìbàdàn ní Fúráìdeè, ó ń padà ní Mọ́ńdè, mi ò tíì fi ojú kàn án dáadáa láti ìgbà tí mo ti ń bá yín ṣiṣẹ́.”

Mi ò pinnu láti sọ ti ọkọ mi. Ó bọ́ lẹ́nu mi ni. Ojú tì mí, mo sì wo títì.

Ọ̀gá náà fọwọ́ pa ojú. “Èé ṣe tí o ò sọ bẹ́ẹ̀?”

Ẹ ò rí i? Ìwé mélòó ni mo ti kọ! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo. Ìyàwó rẹ̀ ló gbà mí sílẹ̀, ó ní, “Ó sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo rí i nínú ímeèlì. Àwa ni a kò kà á.”

A wá bẹ̀rẹ̀ sí í rà á, a ń tà á. Kò gbà kí òun máa fi ìwọ̀n ránṣẹ́ kó tó di Ọjọ́ Ẹtì, nítorí ọjọ́ yẹn ni àwọn onílé máa ń gbà kó wọlé wá wọn nǹkan. Ṣùgbọ́n ó ní òun lè fi iṣẹ́ mìíràn sí Ọjọ́ Ajé fún àwọn òṣìṣẹ́, lílẹ etí pákó àti dídi ẹrù tó fẹ́ jáde, kí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í gé tuntun ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Èmi náà ní láti fi nǹkan sílẹ̀. Ó fẹ́ kí àsìkò tí a jọ ń wà lórí ìlà má kúrò ní aago mẹ́ta sí márùn-ún tirẹ̀, aago ì báà sún, ì báà má sún. Ìyẹn ni pé ní gbogbo ìdajì ọdún tí aago wọn bá wà níwájú, aago márùn-ún ìdájí ni èmi yóò máa jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Mo gbà. Ìdájí sàn fún mi ju Àbámẹ́ta lọ.

Ìyàwó rẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ bí a ṣe ń sọ ọ́, ó sì ń kà á fún wa. Mo ní kó yọ “àárọ̀” kúrò, kó fi aago sí i. Mo ní kó kọ orúkọ ìlú sí i: aago Melbourne. Mo ní kó kọ ti Nàìjíríà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ti ìgbà ooru wọn àti ti ìgbà òtútù wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹnikẹ́ni má máa fi ọpọlọ ṣírò. Ọ̀gá náà ní ó ti pọ̀ jù fún gbólóhùn kan. Mo ní kí ó pọ̀.

Ó wá kù síbì kan. Ó ní, “Bí iṣẹ́ pàjáwìrì bá wà ńkọ́? Bí onílé kan bá ń kánjú?”

Mo mọ̀ pé ihò tí gbogbo rẹ̀ yóò gbà jò dànù nìyẹn. Mo ní, “Ẹ máa béèrè. Bí mo bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Bí mi ò bá dáhùn, rárá ni.”

“Bí o ò bá dáhùn, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé o rí i?”

“Ẹ mú un pé bẹ́ẹ̀ kọ́ ni.”

Kò dùn mọ́ ọn. Ìyàwó rẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ kó tó lè yí ọkàn padà.

Mo rò pé ó ti parí. Ní Ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e gan-an, ìwọ̀n dé, ó sì kọ sórí rẹ̀: pàjáwìrì, jọ̀ọ́, Mọ́ńdè. Mo jókòó tì í. Ilé ìdáná kékeré ni, ojú ni mo fi wò ó tí mo mọ̀ pé mo lè fi Àbámẹ́ta kan parí rẹ̀, ó sì ti fi “jọ̀ọ́” sí i. Ọwọ́ mi ti wà lórí fóònù láti kọ “ó dáa.” Bẹ́ẹ̀, bí mo bá gba ti òní, ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ náà yóò jẹ́ pàjáwìrì, ti èyí tó tẹ̀ lé e náà yóò rí bẹ́ẹ̀. Mo kọ ọ́ pé: “Rárá. Túsìdeè, aago méje àárọ̀, aago Melbourne.” Mo fi ránṣẹ́. Kò dáhùn. Gbogbo ọjọ́ yẹn ni mò ń yọ fóònù wò, mo ti ń fọkàn rò ó pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi, mo ti ń wá ohun tí màá sọ fún ọkọ mi.

Ọkọ mi dé ní ìrọ̀lẹ́. Mo ti ní in lọ́kàn pé màá sọ fún un pé Àbámẹ́ta yìí, tiwa ni. Ó gbé àpò wọlé, ó sì kó ìdì bébà ńlá jáde nínú rẹ̀, gbé e sórí tábìlì. Ìwé ìdánwò àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni. Ọ̀gá wọn fẹ́ máàkì gbogbo kíláàsì ní Mọ́ńdè àárọ̀.

Mo wò ó. Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n ju ìdì náà síta. Mo bú sẹ́rìn-ín, ó sì bi mí pé kí ló dé, mi ò sì lè sọ̀rọ̀. Láàárọ̀ Àbámẹ́ta, ó jókòó sídìí tábìlì tí èmi máa ń jókòó sí, bírò pupa lọ́wọ́, èmi sì ń rìn káàkiri ilé bí ẹni tí nǹkan sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbá àgbàlá. Mo fọ irun ọmọ. Ìyá ní kí n jókòó, pé mò ń dá wọn lágara. Nígbà tó di ọ̀sán, mo gbé àga mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ mi, mo gba ìdajì ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo ń bá a ṣírò máàkì pọ̀. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ó máa ń ka ìdáhùn ọmọ kan sókè, a ó jọ rẹ́rìn-ín.

Alẹ́ Ọjọ́ Àìkú ni fóònù dún. Ọ̀gá oníkọ́bọ́ọ̀dù ni. Ó ti dé ibi iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kọ: “Túsìdeè.” Kò sí ẹ ǹlẹ́, kò sí ó dàbọ̀. Mo mọ̀ pé ó ń bínú, mo sì mọ̀ pé ó gbà.

Ní Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn tí mo ti sin ọkọ mi dé ibùdókọ̀, mo padà sílé, mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ya ilé ìdáná náà. Oòrùn wà lójú fèrèsé. Ìwọ̀n ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kan kò bára mu. Mo kọ ìbéèrè sí ọ̀gá náà nípa rẹ̀, mo sì mọ̀ pé kò ní dá mi lóhùn títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́, nítorí ó ti ti ilé iṣẹ́ lọ sílé. Mo fi ibẹ̀ sílẹ̀, mo bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì.